Páwà Sítíárìn: Bí Iná Ṣe Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ọ́ìlì

Ẹni tó bá wa Volkswagen ìjàpá, tàbí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Peugeot 504 tó gbòde kan ní Nàìjíríà láyé ọjọ́un, yóò rántí pé a kì í yí sítíárìn ọkọ̀ tó dúró gbári. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkọ̀ yí díẹ̀, síwájú tàbí sẹ́yìn, kó tó máa fà á. Nígbà tí táyà bá dúró sójú kan, gbogbo ibi tí rọ́bà rẹ̀ ti kan ilẹ̀ ló ń ha ọ̀dà bí a bá fẹ́ yí i, ìwúwo iwájú ọkọ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí táyà bá ti ń yí lọ, ìháhá náà dín kù, apá á sì rí ìsinmi. Ọgbọ́n tí àwọn tó ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dá ni pé wọ́n to eyín jíà inú rẹ̀ kí awakọ̀ lè yí sítíárìn lọ́pọ̀ ìgbà kí táyà tó yí díẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń wúwo sí i tí táyà sì ń fẹ̀ sí i, ọgbọ́n yẹn kò tó mọ́.

Francis Davis, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ọkọ̀ akẹ́rù ní iléeṣẹ́ Pierce-Arrow, ló fi ọ́ìlì ran apá awakọ̀ lọ́wọ́ ní 1926. General Motors bá a ṣe àdéhùn, ṣùgbọ́n owó tí yóò ná wọn pọ̀ jù, wọ́n sì pa á tì ní 1934. Ó di ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì kí àwọn ọkọ̀ ogun tó wúwo tó lò ó. Ní 1951 ni Chrysler gbé e sínú ọkọ̀ Imperial tí ẹnikẹ́ni tó lówó lè rà. Láti ìgbà náà, fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ẹni tó bá sọ pé ọkọ̀ òun ní páwà, ọ́ìlì ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ́ìlì náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí iná jogún. Páńpù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tí bẹ́líìtì ń yí. Ó ń fa ọ́ìlì láti inú ike kékeré kan, ó sì ń tì í gba inú họ́ọ̀sì lọ sí rákì. Rákì ni irin gígùn eléyín tó dùbúlẹ̀ láàárín táyà iwájú méjèèjì. Jíà kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá sítíárìn ló ń tì í sọ́tùn-ún tàbí sósì. Irin yìí wà nínú páìpù tí wọ́n pín sí yàrá méjì, tí wọ́n sì fi rọ́bà dí kí ọ́ìlì má bàa jáde. Bí ọ́ìlì bá wọ yàrá kan tipátipá, ó ń ti irin náà lọ sí ìhà kejì. Agbára tó ń wà nínú ọ́ìlì náà kì í ṣe kékeré. Bí a bá yí sítíárìn dé òpin, ó lè ju 1,000 lọ lórí ìwọ̀n tí fọkanáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ táyà fúnra rẹ̀ kì í sábà ju 30 tàbí 35 lọ.

Ta ló wá ń sọ fún ọ́ìlì pé ọ̀tún ni kó lọ tàbí òsì? Láàárín ọ̀pá sítíárìn àti jíà kékeré yẹn ni wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí. Bí awakọ̀ bá fẹ́ yí sítíárìn tí táyà sì kọ̀ tí kò tètè tẹ̀ lé e, irin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí á lọ́ díẹ̀, bí aṣọ tí a ń fún. Ìlọ́ náà kéré gan-an, ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó tó láti ṣí ihò kan kí ọ́ìlì gbà wọ yàrá tó yẹ. Bí táyà bá ti yí tó, irin náà á tọ́ padà, ihò á padé, ìrànlọ́wọ́ á sì dáwọ́ dúró. Bí awakọ̀ bá ṣe fi agbára yí i tó ni irin á ṣe lọ́ tó, bẹ́ẹ̀ sì ni ìrànlọ́wọ́ á ṣe pọ̀ tó. Irin tó ń lọ́ yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Iná kò lé e lọ. Ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀.

Páwà ọlọ́ìlì kì í fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, páńpù á fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, pàápàá láàárọ̀ tàbí nígbà tí a bá ń yíwọ́ lójú kan. Ẹ ṣí ike rẹ̀ wò, ẹ ó rí ìfófòó. Bí bẹ́líìtì bá dẹ̀, á ké fíìì bí a bá yí sítíárìn lójijì. Bí rọ́bà tó dí rákì bá ti gbó, ọ́ìlì pupa á máa kán sílẹ̀ níbi tí ọkọ̀ sùn. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ọ́ìlì jíà ọtọmátíìkì kan náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì fara sin. Bí ọ́ìlì bá ti di dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, páńpù náà ti ń jẹ ara rẹ̀. Mẹkáníìkì tí kò ní irinṣẹ́ kankan ju ojú àti etí rẹ̀ lọ lè mọ gbogbo èyí, awakọ̀ tó fetí sílẹ̀ náà sì lè mọ̀ ọ́n ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó di wàhálà. Mo ka èyí sí oore ńlá lára páwà ọlọ́ìlì, òun sì ni ohun tí a pàdánù jù nígbà tí iná dé.

Kí ló dé tí wọ́n fi kúrò níbẹ̀ nígbà náà? Páńpù yẹn kì í sinmi. Láti Ìbàdàn dé Èkó, awakọ̀ lè wà lójú ọ̀nà tó tọ́ fún ìṣẹ́jú púpọ̀ láìyí sítíárìn rárá, síbẹ̀ bẹ́líìtì ń yí páńpù, páńpù ń ti ọ́ìlì lọ, ó ń tì í bọ̀, ẹ́ńjìnnì ló sì ń san owó rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìlú òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de bí ọkọ̀ ṣe ń jẹ epo, àwọn iléeṣẹ́ wá gbogbo ibi tí epo ti ń ṣòfò. Ohun tí iná ń dá padà nínú epo tí ọkọ̀ ń jẹ kò ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti rí gbà ju kí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe lọ. Ìdí kejì lágbára ju èyí lọ. Ọkọ̀ bíi Toyota Prius tó jáde ní Japan ní 1997 máa ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, a sì lè máa fi bátìrì wà á lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, bẹ́líìtì dúró. Bí bẹ́líìtì bá dúró, páńpù dúró. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ara lé páńpù ẹ́ńjìnnì láé.

Suzuki ló kọ́kọ́ gbé páwà oníná jáde fún títà, nínú ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cervo, ní 1988. Pé ọkọ̀ kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe èèṣì. Bátìrì ọkọ̀ kò ju fọ́ọ̀tì 12 lọ, mọ́tò oníná tó lè fara mọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà kò sì lè ti ọkọ̀ tó wúwo. Bí mọ́tò náà ṣe ń lágbára sí i ló ń gun orí ọkọ̀ tó tóbi sí i. Fún àwa tó ń ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ààlà náà hàn kedere lára ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Toyota Corolla tí wọ́n tà níbẹ̀ láti 2003 dé 2008 ń lo ọ́ìlì. Èyí tó jáde fún 2009 ti di oníná. Camry tí a ń pè ní Muscle, ti 2007 sí 2011, ọ́ìlì ni. Ti 2012 gba iná. Nítorí náà, bí mẹkáníìkì kan bá ní kí ẹ ra ọ́ìlì páwà fún Corolla 2010, ẹ ní kó fi ike tí yóò dà á sí hàn yín. Kò sí irú ike bẹ́ẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà.

Nínú Corolla yìí, kò sí ohun kankan nínú páwà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́. Bí ẹ bá tẹ orí bọ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù níbi ẹsẹ̀ awakọ̀, ẹ ó rí mọ́tò oníná kan tí wọ́n so mọ́ ara ọ̀pá sítíárìn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ́ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n dípò kó máa ṣí ihò fún ọ́ìlì, sẹ́ńsọ̀ kan ń wọn bó ṣe lọ́ tó, ó sì ń sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà kékeré kan. Kọ̀ǹpútà náà tún ń béèrè bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Ó fi ọ̀rọ̀ méjèèjì papọ̀, ó pinnu iye iná tí mọ́tò yóò gbà, mọ́tò náà á sì fi jíà kékeré kan ran ọ̀pá sítíárìn lọ́wọ́. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Bí ẹ bá ń lọ tààrà, mọ́tò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iná kankan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń páàkì, ó lè fa ampíà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí iná iwájú ọkọ̀ méjèèjì pa pọ̀ kò ju nǹkan bí 10 lọ. Ẹ ó rí i láìpẹ́ ìdí tí ìyàtọ̀ yẹn fi ṣe pàtàkì.

Ohun tí awakọ̀ kọ́kọ́ kíyè sí ni bí sítíárìn oníná ṣe fúyẹ́. Lójú kan, ìka kan tó láti yí i; bí ìsáré bá ti pọ̀, ó ń le díẹ̀díẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa máa ṣe ségesège lójú ọ̀nà márosẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ọlọ́ìlì kan náà gbìyànjú irú èyí, ṣùgbọ́n ti oníná jẹ́ iye tí ẹnjiníà kọ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì lè yí i bó ṣe wù ú. Níbẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ́ìlì máa ń gbé ìròyìn ojú ọ̀nà padà wá sí àtẹ́lẹwọ́: bí táyà bá fẹ́ yọ̀ lórí omi, tàbí bí ó bá kan etí kòtò, ọwọ́ á mọ̀. Mọ́tò oníná àti jíà rẹ̀ ní ìwúwo àti ìháhá tiwọn, wọ́n sì máa ń mu púpọ̀ nínú ìròyìn náà kó tó dé ọwọ́. Nígbà tí Corolla ti 2009 àti 2010 dé ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn ráhùn pé ọkọ̀ kì í dúró lójú ọ̀nà tó tọ́, pé àwọn ní láti máa dá sítíárìn padà díẹ̀díẹ̀ ṣáá. Ìráhùn náà pọ̀ débi pé àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ojú pópó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí rẹ̀ ní Fẹ́búárì 2010. Àwọn ọkọ̀ tó jáde lẹ́yìn náà dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, lójú tèmi, ẹni tó bá ti fi ọdún púpọ̀ wa ọkọ̀ ọlọ́ìlì yóò ní láti kọ́ láti fi ojú rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ fún un tẹ́lẹ̀, pàápàá nínú òjò.

Iná náà ní ohun tó mú wá tí ọ́ìlì kò lè ṣe. Nítorí pé mọ́tò lè yí sítíárìn láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, ọkọ̀ lè páàkì fúnra rẹ̀, ó sì lè rọra tì yín padà bí ẹ bá ń yà kúrò lójú ìlà. Prius ló kọ́kọ́ fi páàkì yẹn hàn àwọn ará Japan ní 2003.

Páwà oníná tún ní àrẹ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá ń yí sítíárìn láti òpin dé òpin léraléra nígbà tí ọkọ̀ dúró, bí ó ṣe máa ń rí nínú ọgbà tó há, mọ́tò náà á gbóná, kọ̀ǹpútà á sì dín ìrànlọ́wọ́ kù kó má bàa jóná. Sítíárìn á kàn ṣàdéédéé wúwo. Ìwé tí Toyota ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ sọ pé bí a bá fi í sílẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú 10 ó yẹ kó padà sípò. Mo ti rí awakọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò bá a tú ọkọ̀ nítorí èyí, bẹ́ẹ̀ ìsinmi ni ọkọ̀ náà ń fẹ́.

Ó wá kan ìbàjẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ ká mú Corolla 2010 kan tí wọ́n fi ń ṣe kábúkábú. Ní àárọ̀, bí awakọ̀ bá tan iná iwájú àti ẹ̀rọ amúlétutù, tó sì fẹ́ yí ọkọ̀ jáde nínú ọgbà, àmì P/S á tàn lórí dáṣíbọọ̀dù, sítíárìn á sì le koko. Bó bá pa ọkọ̀ tó tún un ṣí, àmì á lọ. Kò sí ariwo, kò sí ohun tó ń kán sílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó sọ pé kó lọ sí Ládípọ̀, kó ra ọ̀pá sítíárìn tòkunbọ̀ pẹ̀lú mọ́tò orí rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí a ń gbọ́ jù nìyẹn, òun sì ni ó gbówó lórí jù.

Rìwáyà tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Yóò kọ́kọ́ béèrè pé ṣé oúnjẹ tó tó ń dé ẹnu mọ́tò náà. Ó fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ọkọ̀ kú: 12.6, ó dára. Ó ṣí ọkọ̀: 14.1, jẹ́nẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Títí dé ibí, ohun gbogbo mọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kò ṣe. Ó fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí òpó dúdú bátìrì, ó fi èkejì kan irin ara ọkọ̀, ó sì ní kí awakọ̀ tan gbogbo iná kó yí sítíárìn dé òpin. Mítà yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú òdo, nítorí òpó dúdú àti ara ọkọ̀ yẹ kó jẹ́ ọ̀kan náà. Ó fò lọ sí 1.3. Ìyẹn ni pé láàárín bátìrì àti ara ọkọ̀, ohun kan ń jẹ fọ́ọ̀tì kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí mọ́tò bá béèrè iná púpọ̀. Ó tú wáyà dúdú náà níbi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara ọkọ̀. Ìpẹtà ti bo ìdí bóòtì rẹ̀. Iná kékeré ń kọjá, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí rédíò àti gílóòbù fi ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀sùn. Ampíà 50 ni kò rí ọ̀nà gbà. Ó fi sáńdípépà nù ún títí ó fi tàn, ó dè é le, ó tún un wọ̀n: 0.1. Àmì P/S kò tàn mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ló ń parí báyìí. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn irin tó ń lọ́ lè bàjẹ́ lóòótọ́. Ohùn méjì ló fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Bí méjèèjì kò bá bára mu, kọ̀ǹpútà kò ní gbà á gbọ́ mọ́, á sì pa ìrànlọ́wọ́. Bí a bá so sìkánà mọ́ ọkọ̀ Toyota, irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jáde bíi C1511. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá tòkunbọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n pípààrọ̀ rẹ̀ nìkan kò tó. A ní láti fi sìkánà kọ́ kọ̀ǹpútà níbi tí àárín wà: ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́, táyà iwájú tọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan sítíárìn. Bí wọ́n bá fo èyí, C1515 lè jáde, tàbí kí ọkọ̀ máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí kọ̀ǹpútà rò pé ọwọ́ kan ń yí sítíárìn nígbà tí kò sí ọwọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bí iná bá lọ, sítíárìn á já. Kì í já. Nínú Corolla yìí àti èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tó wà lójú pópó, irin ṣì so ọwọ́ yín mọ́ táyà. Ìrànlọ́wọ́ nìkan ló ń lọ. Ewu ibẹ̀ ni pé ó lè lọ láìkìlọ̀, ní ibi tí ọwọ́ ti nílò rẹ̀ jù, ìyẹn nígbà tí ọkọ̀ ń rọra yà wọ kọ́nà. Ọkọ̀ mílíọ̀nù 1.3 ni General Motors pè padà ní Amẹ́ríkà ní 2014 nítorí irú ìjákulẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ẹ dín ìsáré kù kí ẹ tó yà, ẹ sì wá ibi tí ẹ lè dúró sí.

Ọ̀pọ̀ akẹ́rù ńlá ní tiwọn kò tíì fi ọ́ìlì sílẹ̀, nítorí ìwúwo táyà iwájú wọn ju ohun tí mọ́tò kékeré lè tì lọ. Nígbà tí Volvo fẹ́ mú sítíárìn akẹ́rù rẹ̀ fúyẹ́ ní 2013, orí ọ́ìlì náà ló gbé mọ́tò oníná lé. Kò yọ ọ́ìlì kúrò.

Fún ẹni tó fẹ́ ra Corolla tòkunbọ̀ ti 2009 sókè, àyẹ̀wò kan wà tí kò ná an ní kọ́bọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ ṣí, ẹ má tíì ta ẹ́ńjìnnì. Àmì P/S gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ wá ta ẹ́ńjìnnì, kí àmì náà sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá kú, ẹ ti rí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ẹ lè fi dúnàádúrà. Bí kò bá tàn rárá látìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kó ti fi ohun kan bò ó. Ẹ má san owó kankan títí sìkánà yóò fi sọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà.